Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ń gbé bíìlì iná ilé iṣẹ́ ga

Bí bíìlì iná bá dé, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń wo iye owó tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa paná tí wọ́n bá ń lọ jẹun ọ̀sán. Oṣù tó tẹ̀ lé e dé, bíìlì ò yí padà. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ò gbọ́ràn. Apá kan wà nínú bíìlì ilé iṣẹ́ tí kì í sábà sí nínú ti ilé gbígbé, apá náà kò sì wo iye iná tí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìparí rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ fa iná jù lọ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni owó iná tí a lò, tí mítà ń kà ní kílówátì-wákàtí, tí wọ́n ń kọ sára bíìlì ní kWh. Ẹ̀rọ tó ń fa 10 kW, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ti lo 20 kWh. Èkejì ni owó òkè ìfàná, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní mákísímọ́ọ̀mù dìmáńdì. Mítà ilé iṣẹ́ máa ń gé ọjọ́ sí abala abala, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ibòmíràn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ibòmíràn. Yóò ka iye iná tó wọlé nínú abala kọ̀ọ̀kan, yóò sì wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Bí 300 kWh bá wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìfàná yín nínú abala yẹn jẹ́ 600 kW, torí pé ìdajì wákàtí ló fi wọlé. Bí oṣù bá parí, abala tó ga jù lọ nìkan ni wọn yóò mú. Abala 1,440 ló wà nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò pinnu owó òkè ìfàná, ìyókù ò ní ohùn kankan níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń tà yín níná náà ní ìdí tirẹ̀. Wáyà àti tìránsífọ́mà tó ń gbé iná wá fún yín gbọ́dọ̀ lè gbé ìgbà tí ẹ bá fà á jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù nìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Owó àyè tí wọ́n fi pa mọ́ dè yín ni wọ́n ń gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n rò pé mọ́tò ńlá tó ń han gooro nígbà tí wọ́n bá tàn án ló ń gbé òkè yìí ga. Ẹ wò ó bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Ká ní mọ́tò kan ń fa 500 kVA, ìwọ̀n ìfàná tó jọ kW, tí màá ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn níwájú, nígbà tó bá ń gbéra, tí ìgbéra náà sì gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú àáyá 1,800 ló wà nínú abala kan. Ẹ sọ 500 di ìlọ́po mẹ́jọ, kí ẹ fi 1,800 pín in: díẹ̀ ló fi lé ní 2 kVA. Bó ṣe pariwo tó, mítà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó ń mú kí mọ́tò rọra gbéra dára fún bẹ́líìtì àti fún wáyà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín bá ní yóò dín òkè ìfàná kù, ẹ ní kó fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín ná. Ohun tó ń gbé òkè ga ni kí nǹkan púpọ̀ máa ṣiṣẹ́ pa pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nínú abala kan náà, pàápàá jù lọ àwọn nǹkan tí kò pọn dandan kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ike ṣe nǹkan, tí ọ́fíìsì wà lókè rẹ̀, tí mítà kan ṣoṣo sì ń ka gbogbo rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni, èmi ni mo yan àwọn iye rẹ̀, nítorí náà ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Ilé iṣẹ́ yìí lo 180,000 kWh lóṣù, òkè ìfàná rẹ̀ sì jẹ́ 720 kVA. Ká pe owó kWh kan ní ẹyọ owó 1, ká sì pe owó kVA kan lóṣù ní ẹyọ 90. Owó iná tí wọ́n lò jẹ́ 180,000, owó òkè jẹ́ 64,800, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 244,800. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo bíìlì lọ tó wá láti inú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wo bí òkè yìí ṣe jìnnà tó sí ìpíndọ́gba. Ẹ fi 180,000 kWh pín sí wákàtí 720 tó wà nínú oṣù, ẹ ó rí 250 kW. Òkè ilé iṣẹ́ yìí ní kílówátì jẹ́ 612. Ìdá 41 nínú 100 òkè náà ni wọ́n ń lò ní ìpíndọ́gba. Ilé iṣẹ́ tí iye yìí bá ti wọ ìdá 80 sókè, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru láìsinmi, kò ní ohun púpọ̀ láti rí kó nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí. Èyí tó bá wà ní 40 ní òkè ṣóńṣó kan níbì kan.

Ibo ló wà? Ìméfò ò lè sọ ọ́. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà yín níná, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà yà á látinú mítà. Ẹ yà á sórí pépà, oṣù kan gbáko, nítorí pé ọjọ́ kan lè tàn yín jẹ. Ẹ sì fi aago mítà wé aago ara ògiri: bí èyí tó wà lára mítà bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣíwájú, gbogbo ohun tí ẹ bá fi àsìkò ṣètò yóò bọ́ sí abala tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ya ti ilé iṣẹ́ wa yìí, òkè 612 kW hàn ní ọjọ́ Ajé, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀. Àwọn ọjọ́ Ajé yòókù sún mọ́ ọn. Nínú abala 1,440, mẹ́jọ péré ló ga ju 505 kW lọ, ọjọ́ Ajé sì ni gbogbo wọn. Wọ́n wá kọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní àsìkò náà sílẹ̀. Híítà àwọn ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike, mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa 30 kW, ti tutù láti ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn sì ń gbóná pa pọ̀: 180. Àwọn mọ́tò ẹ̀rọ: 170. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ méjèèjì tó ń fún afẹ́fẹ́ ń kún táǹkì tó ti jò tán ní òpin ọ̀sẹ̀: 120. Ẹ̀rọ tó ń mú omi inú ẹ̀rọ tutù: 60. Ọ́fíìsì, tí ẹ̀rọ amúlétutù gbogbo yàrá jọ ń bá ooru ọjọ́ méjì jà: 62. Bátìrì àwọn ọkọ̀ agbẹ́rù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki bọ iná: 20. Ẹ rò ó pọ̀, 612 ló jẹ́.

Ẹ wá rántí àṣẹ pé kí wọ́n máa paná nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ogójì gílóòbù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa wátì ogún, gbogbo rẹ̀ ò pé kílówátì kan, aago mẹ́jọ àárọ̀ sì kọ́ ni wọ́n ń pa á. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ò le. Kí táímà tan híítà mẹ́ta ní aago márùn-ún àbọ̀, mẹ́ta tó kù ní aago mẹ́fà àbọ̀. Nígbà tí aago mẹ́jọ bá fi lù, wọ́n ti gbóná, wọ́n kàn ń tọ́jú ooru wọn ni, nǹkan bí 60 kW ni wọ́n ń fà dípò 180. Mo ní mẹ́ta mẹ́ta nítorí ẹni tó bá tan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀ lè kàn gbé òkè náà láti aago mẹ́jọ lọ sí mẹ́fà. Bí owó kWh bá sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí àsìkò ọjọ́ ní ọ̀dọ̀ yín, ẹ wo wákàtí wo ló gbówó lórí kí ẹ tó fi táímà síbẹ̀. Amúlétutù ọ́fíìsì náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, yóò ti mú yàrá tutù kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, ọ́fíìsì yóò sì dín sí 40. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ kan yóò tètè kún táǹkì, wọn yóò sì ti ìkejì pa títí di aago mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń jò: 120 di 65. Bátìrì yóò máa gbaná lóru. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 217 kW tó kúrò nínú abala yẹn, ìfàná rẹ̀ sì di 395.

Ẹnjiníà tó bá dúró síbẹ̀, tó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé òun ti dín òkè kù láti 612 sí 395, kò tíì wo ìyókù pépà rẹ̀. Ẹ rántí 505 yẹn. Ní ọ̀sán, láàárín aago méjì sí méjì àbọ̀, 505 kW ni wọ́n ń fà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, òkè ọjọ́ Ajé ló kàn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gé òkè àkọ́kọ́ tán, èkejì ló gorí oyè. Nítorí náà, 612 di 505 ni, kò di 395. Gbogbo ohun tí ẹ bá gé kọjá òkè kejì kò mú owó kankan wá. Àṣìṣe yìí ni mo rò pé ó pọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ yìí, torí pé ìṣirò rẹ̀ lórí pépà dùn ún wò.

Wọ́n wá wo ọ̀sán. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù ike, tó ń fa 40 kW, ni wọ́n ń tàn ní kété tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, nítorí pé àsìkò yẹn ni àjẹkù ti kún àpò. Kò sí ẹni tó ń dúró de ike náà kí ọjọ́ tó ṣú. Wọ́n sún un sí ìrọ̀lẹ́, òkè sì di 465. Nígbà tí wọ́n tún wo pépà, kò sí ṣóńṣó mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún abala ló wà láàárín 440 sí 465, ó rí pẹrẹsẹ. Ẹ ti dé ilẹ̀ nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí ẹ bá tún gé jẹ́ iṣẹ́ gidi tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, owó ọjà tí ẹ ò rí ṣe yóò sì ju owó kVA tí ẹ dín lọ. Ohun kan náà ni kò jẹ́ kí bátìrì ńlá tàbí jẹnẹrétọ̀ tètè san owó ara rẹ̀ níbẹ̀: bátìrì lè gé ṣóńṣó ìṣẹ́jú ogójì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ wákàtí mẹ́fà yóò gbẹ́ ẹ tán.

Títí di ìsinsìnyí, kW ni à ń sọ, bẹ́ẹ̀ kVA ni bíìlì wọn ń gba owó lé. Ìyàtọ̀ wọn ni pé mọ́tò máa ń fa iná méjì pọ̀: èyí tó ń ṣiṣẹ́, tí í ṣe kW, àti èyí tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ láti gbé agbára òòfà inú mọ́tò ró, tí wọ́n ń kọ ní kVAr. Wáyà ni yóò gbé méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀ nìyí:

```
kVA = √(kW² + kVAr²)
```

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, 612 kW àti 379 kVAr ló fún wa ní 720 kVA. Páwà fátọ̀, ìyẹn kW tí a fi kVA pín, jẹ́ 0.85. Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu wá nìyí: híítà kì í fa kVAr rárá. Nígbà tí ẹ bá mú híítà kúrò, kW ń dín, ṣùgbọ́n kVAr àwọn mọ́tò dúró síbi tó wà. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, 465 kW ló kù pẹ̀lú 350 kVAr. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, 582 kVA ni, páwà fátọ̀ sì ti bọ́ sí 0.80. Wọ́n dín kW kù ní ìdá 24 nínú 100, kVA dín ní ìdá 19 péré.

Kapásítọ̀ ló ń tún èyí ṣe, nítorí pé òun ló máa ń fún àwọn mọ́tò ní kVAr wọn nítòsí, tí kò fi ní wá láti òde. Bí wọ́n bá fi 200 kVAr sí i, 150 ló kù láti fà látìta, kVA á sì di 489, páwà fátọ̀ á fò lọ sí 0.95. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ń tan ara rẹ̀ ní ìpele ìpele, nítorí bí gbogbo 200 bá wà lórí iná lóru, tí mọ́tò kankan ò ṣiṣẹ́, fóòtéèjì lè ga kọjá ààlà. Bí ẹ̀rọ tó ń yí ìyára mọ́tò padà bá sì pọ̀ nínú ilé iṣẹ́, ìgbì iná tí wọ́n ń tú jáde lè bá kapásítọ̀ lásán pàdé kó sì jó o. Irú èyí tó ní kọ́ìlì ìdáàbòbò níwájú ni kí ẹ béèrè. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́ ni pé fíúsì kapásítọ̀ ń jó léraléra, tàbí páwà fátọ̀ ara bíìlì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kan yí padà. Bí mítà yín bá jẹ́ èyí tó ń gba owó òkè ní kW nìkan, kapásítọ̀ ò ní dín òkè yẹn, àyàfi tí owó ìtanràn bá wà fún páwà fátọ̀. Ẹ ka bíìlì dáadáa kí ẹ tó ra nǹkan.

Láti 720 sí 489 jẹ́ 231 kVA. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 90, ẹyọ 20,790 lóṣù ni, ó lé ní ìdá 8 nínú 100 gbogbo bíìlì, kWh kan ò sì dín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ná an. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, gbólóhùn kan wà tó ní owó òkè tí ẹ ó san kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá kan pàtó nínú òkè tó ga jù lọ láàárín oṣù méjìlá tó kọjá. Bí ìdá náà bá jẹ́ 80 nínú 100, 576 kVA nìyẹn nínú 720. Mítà yóò ka 489, bíìlì yóò kọ 576, yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ Ajé yẹn yóò fi pé ọdún kan. Ẹyọ 12,960 ni ìdínkù wọn lóṣù títí dìgbà náà. Mo ti rí i tí ọ̀gá kan fagi lé irú iṣẹ́ yìí ní oṣù kẹta pé kò mú èrè tí wọ́n ṣèlérí wá, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn yẹn wà nínú àdéhùn tó fọwọ́ sí.

Gbólóhùn kan náà ló mú kí àìfiyèsí òwúrọ̀ kan léwu. Táímà kan tó bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọdún kan gbáko ni yóò fi máa jẹ yín lówó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń wo mítà nígbà gbogbo. Ká ní 465 kW ni àfojúsùn. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn jẹ́ 232 kWh. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá tí ẹ sì ti lo 140, 92 ló kù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, ìyẹn ni pé ìfàná gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí 370 kW. Ẹ̀rọ náà yóò wá pa àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní tètè fura sí. Ibí ni ọ́fíìsì ti wúlò ju bí gbogbo èèyàn ṣe rò lọ: amúlétutù yàrá kan lè sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ooru tó wọlé, kí ó sì kan ti yàrá kejì. Bátìrì ọkọ̀ agbẹ́rù àti ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù lè dúró pẹ̀lú. Ẹ má fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sínú àwọn tí yóò máa kú o, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá relẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ á dúró. Ní ibi tí mítà bá ti ń lo abala tó ń yọ̀ síwájú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe abala tó dúró lójú kan, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, torí pé abala tuntun ò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Àsìkò tí gbogbo ètò yìí sábà máa ń já ni ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé. Táímà ti ṣì àsìkò, táǹkì afẹ́fẹ́ ti sọ̀, híítà ti tutù, yàrá ọ́fíìsì ti gbóná, gbogbo wọn á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn mọ́tò náà fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìdúró díẹ̀ nínú, kí mọ́tò àti híítà ìdajì kọ́kọ́ dìde, kí híítà ìyókù tẹ̀ lé e lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, kí ọ́fíìsì sì kẹ́yìn. Kí ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí iná lọ sínú ìwé, kí ẹ lè fi wé abala tó ga jù lọ nígbà tí bíìlì bá fò lójijì.